Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lọ́wọ́ Màmá Wáyà

Ọ̀rọ̀ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀ sórí fóònù láti fi ránṣẹ́ sí Màmá Wáyà, bí wọ́n bá ní kí ènìyàn kà á tán, oúnjẹ á ti jó lórí iná. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tí kò kí àgbà fún odindi ọdún mẹ́ta, tó wá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà náà, ìtìjú á mú un, ìtìjú ló sì máa ń sọ ènìyàn di alásọjù.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń tún lífíìtì ṣe ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń wọ ibi tí ikùn àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kò lè wọ̀. Màmá Wáyà ní tirẹ̀ ni obìnrin àgbà tó kọ́ wọn ní kíláàsì lífíìtì. Wáyà pupa kan ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí lífíìtì bá ń dá dúró láìnídìí, tí wọn kò mọ ibi tí iná ti ń já, àwọn oníṣẹ́ a máa fi wáyà kan ṣe afárá láàárín ojú méjì nínú àpótí iná, kí iná lè fo ibi tí wọ́n fura sí. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sì yọ ọ́. Yíyọ ọ́ yìí gan-an ni ìjà Màmá. Wáyà tirẹ̀ gùn, ó pupa, ó so àkísà mọ́ ọn nídìí, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀kùn àpótí iná kò ní lè pa dé. "Orí yín á gbàgbé," ohun tó máa ń sọ fún wọn nìyẹn. "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn bá yín rántí." Lọ́jọ́ tí kíláàsì parí, ó ní kí wọ́n máa pe òun. Ta ló pè é? Kò sí. Ọmọ aráyé nìyẹn, ọjọ́ tí bàtà bá ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń rántí ẹni tó rán bàtà.

Bàtà wá ta Abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀. Olórí ẹ̀ka wọn ń fẹ̀yìn tì, mánéjà ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń bójú tó sì ní kí Abẹ́rẹ́ bọ́ sípò rẹ̀, kí ó fèsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Iṣẹ́ náà wù ú débi pé ó ń dùn ún. Ẹ̀rù sì ń bà á bákan náà, torí láti ọjọ́ náà lọ, òun nìkan ni yóò máa sọ pé kí ènìyàn wọ lífíìtì tàbí kó má wọ̀ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ gígùn náà, ó gbé fóònù lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ni akọ̀wé lóòyà àgbà kan, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ẹni ńlá. Ó fi ọwọ́ kan di áyọ́ọ̀nù mú, ó fi ìkejì gba fóònù, ó ń kà, ó ń fi àtàǹpàkò fà á sókè, ó ṣì ń fà á.

"Ṣé o fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni, àbí o ti bá a sọ ọ́ tán?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe jẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Kí lèyí? 'Lífíìtì kejì ti bàjẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mo tún un ṣe lónìí, ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n ṣí i fún èrò lọ́la, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n, mi ò mọ ohun tó ń gbọ̀n ọ́n.' Obìnrin àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ nílé, ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n lo fẹ́ fi kí i."

"Òótọ́ ni, ó ń gbọ̀n."

"Kó máa gbọ̀n. Ìyẹn dọjọ́ tí ẹ bá jọ ń sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ẹni tí o jẹ́ àti ibi tó ti mọ̀ ọ́, ìwọ rò pé ó lè rántí gbogbo yín ni? Ohun kan ṣoṣo ni kí o bi í. Àkókò kékeré ni kí o tọrọ, kí òun fúnra ẹ̀ sì mú ọjọ́. Tó bá wá fẹ́ kọ̀, ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un kó rọ́nà kọ̀ láìsí ìjà."

Ẹ̀gbọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lífíìtì kejì lọ, ọwọ́ gbígbọ̀n lọ, ohun gbogbo lọ. Àwọn méjèèjì wá jọ kọ èyí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Èmi Abẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kọ́ ní kíláàsì lífíìtì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ẹ kò gbúròó mi láti ìgbà náà. Wọ́n ní kí n di olórí ẹ̀ka wa, ìmọ̀ràn yín ni mo sì fẹ́ gbọ́ kí n tó fèsì. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ṣé mo lè pè yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ yìí, kí n kí yín, kí a sì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀? Ìgbà tó bá wù yín ni. Bí àyè kò bá sí, kò burú rárá. Ẹ ṣeun, Màmá."

Abẹ́rẹ́ fi ránṣẹ́. Kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí èsì fi wọlé. Bí ẹni pé ẹni náà ti di ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu tẹ́lẹ̀, tó ń retí kí wọ́n ṣáà kan ilẹ̀kùn.

"Èmi ni n ó pè ọ́. Ọ̀la, aago mẹ́rin. Má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ lífíìtì kejì."

Ó kà á, ó tún un kà. Ó na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe pé a ti pa ti lífíìtì yẹn rẹ́?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín pa á rẹ́."

Wọ́n padà wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí lífíìtì kejì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló máa ti sọ fún un, ṣebí àwọn oníṣẹ́ lífíìtì kì í lè pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀, ó sì gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ títí òórùn jíjó fi gba pálọ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì, mánéjà ti dúró de Abẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti mánéjà yìí dáadáa, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wàhálà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú wà ní àjà kẹta ilé náà, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á kán oògùn sí wọn lójú, ojú á ṣú, wọ́n á wá máa fọwọ́ ti ògiri sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, torí lífíìtì kìíní nìkan kò gbà wọ́n. Dókítà ibẹ̀ ti bú mánéjà títí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" mánéjà bèèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"O ti yọ pákó tí wọ́n fi dí iwájú ẹ̀?"

"Mo ti yọ ọ́ lánàá."

"Kí ló wá ń dá wa dúró?"

Kí ni kí ó sọ? Pé ìyá àgbà kan tí òun kò kí láti ọdún mẹ́ta ló ní kí wọ́n dúró? Ó ní òun fẹ́ tún un wò, pé kí wọ́n fún òun di aago mẹ́rin.

Mánéjà wò ó lọ títí. "Ọmọ mi, lífíìtì tó ń ṣiṣẹ́ ni o kò lè ṣílẹ̀kùn fún yìí. Ìwọ ni mo sì fẹ́ fi ṣe olórí. Ẹnìkan wà ní ẹ̀ka kejì tí kò ní fi irú èyí ṣe mí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí èrò kò tíì wọ̀ ọ́, màá pè é."

Abẹ́rẹ́ gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ, ó jókòó ti ẹ̀rọ ńlá tó ń fa okùn irin lífíìtì, ó ti pa iná rẹ̀. Ó ń bú ara rẹ̀. Òun rèé, iṣẹ́ tí òun ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí òun ti kọ́kọ́ di sípánà mú, ó fẹ́ bọ́ nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Lánàá, ṣebí òun fúnra òun ló gun lífíìtì yìí lọ gun un bọ̀. Iná ló ń já ní ibi ilẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn ní àjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìkọ́ kan tí iná ń gbà kọjá, bí ọ̀kan kò bá pa dé, iná á já, lífíìtì á dúró síbi tó wà. Ó rí ìdọ̀tí ní ìkọ́ ti àjà karùn-ún, ó nù ún, lífíìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kí ló kù? Ó fẹ́ dìde lọ ṣí i ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ọ̀rọ̀ yẹn dìde sí i lọ́kàn, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀.

Nǹkan kan wà nípa yàrá ẹ̀rọ tí gbogbo wọn mọ̀. Fóònù kì í dún níbẹ̀. Irin àti kọnkéré ti dí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pa, ẹni tó bá fẹ́ gba ìpè á kọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí aago mẹ́rin ń sún mọ́, Abẹ́rẹ́ dìde kí ó bọ́ síta. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí fóònù fi dún ní ọwọ́ rẹ̀. Àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí lójú rẹ̀ rárá. Ó sì ń dún.

"Abẹ́rẹ́," ohùn náà sọ.

Màmá Wáyà ni, ohùn rẹ̀ náà ni, ó mọ́ gaara bíi ti ọjọ́ kíláàsì. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì láìmọ̀. Ó kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ohùn náà ní kò sí ìbínú, ó bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó bèèrè bóyá ó ti ń jẹun kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, torí nígbà yẹn kì í jẹun. Ohun tó ń ba Abẹ́rẹ́ lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ. Ohùn náà kì í mí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sí èémí láàárín ọ̀rọ̀, kò sí ariwo ilé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹyẹ, kò sí ọkọ̀.

"Màmá, ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni pé..."

"A máa dé ibẹ̀. Tan iná lífíìtì kejì, kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà kẹta."

Ó tan iná, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fóònù wà létí rẹ̀, ohùn náà kò sì já rárá bó ṣe ń lọ láàárín ògiri. Iwájú ilẹ̀kùn lífíìtì ní àjà kẹta dá páropáro. Bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà díẹ̀ sí i.

"Fi ọwọ́ lásán ti ilẹ̀kùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Màmá, kò lè ṣí. Lífíìtì kò sí lẹ́yìn ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i."

"Tì í."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó tì í. Ilẹ̀kùn yọ̀ lọ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ti ń retí. Òkùnkùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tútù tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó rùn bí òróró ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ wo ìkọ́ ilẹ̀kùn náà. Ìkọ́ ibí yìí ti jẹ tán. Ibí ni àìsàn náà wà látilẹ̀, kì í ṣe àjà karùn-ún.

"Tẹ bọ́tìnì."

Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó ronú. Okùn irin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú òkùnkùn níwájú rẹ̀. Lífíìtì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ọmọ kíláàsì ọjọ́ kìíní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ń rìn.

"Wáyà rẹ dà?" ohùn náà bi í.

Abẹ́rẹ́ rántí. Lánàá, nígbà tí ó ń wá ibi tí iná ti já, wáyà pupa rẹ̀, irú ti Màmá, wà nínú báàgì rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ láti sọ̀ kalẹ̀, ó sì gé wáyà dúdú kékeré kan, ó fi ṣe afárá lórí ojú iná àwọn ilẹ̀kùn. Ó nu ti àjà karùn-ún, lífíìtì rìn, inú rẹ̀ dùn, ó pa ilẹ̀kùn àpótí iná dé. Ilẹ̀kùn sì pa dé rẹ́múrẹ́mú, torí wáyà náà kúrú. Afárá yẹn ló ń gbé lífíìtì rìn láti àná. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó yẹ kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn kan kí ó wò ó bóyá lífíìtì á kọ̀ láti rìn. Kò ṣe é, torí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ń kánjú lọ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Màmá.

"Ṣé lífíìtì ti dé ni, ọmọ mi?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ohùn yìí ti wá, kì í ṣe inú fóònù. Ìyá arúgbó kan ni, ojú rẹ̀ kan wà lábẹ́ òwú, ìkejì ń ṣomi nítorí oògùn. Ó ti gbọ́ ariwo okùn, ó sì ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, ó ń wá etí ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ fi gbogbo ara rẹ̀ dí ẹnu kòtò náà. Ọwọ́ ìyá náà kàn án láyà.

"Kò tíì dé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba àtẹ̀gùn."

"Áà, mo rò pé ó ti dé," ìyá náà sọ, ó sì jẹ́ kí ó mú òun yí padà.

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó gbé bẹ́ǹṣì kan dí i, ó bẹ nọ́ọ̀sì kan kó dúró tì í, ó sì fọwọ́ mú ìyá náà sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré gòkè lọ pa iná. Ó ṣí àpótí iná. Wáyà dúdú náà wà níbẹ̀, ó kéré, kò tó ìka ọwọ́. Ó yọ ọ́. Ó gbé fóònù padà sétí, kò sì rò pé ẹnikẹ́ni á ṣì wà níbẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ọ," ohùn náà sọ. "Bèèrè ohun tí o fẹ́ bèèrè."

"Kò tún yẹ kí n bèèrè mọ́, Màmá. Ẹ ti rí ohun tí mo ṣe."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Ó ń bà mí gan-an."

"Gbà á nígbà náà. Ẹni tí ẹ̀rù lífíìtì kò bà mọ́ ni kí ó wábi gbà." Ìpè já. Ojú fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe tọrọ rẹ̀. Kò sì sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mánéjà. Ó gbé wáyà dúdú náà sórí tábìlì rẹ̀, ó sọ ohun tí òun ṣe, ohun tí òun kò ṣe, àti ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kan òun láyà. Mánéjà fi ìka yí wáyà náà lójú tábìlì, bí ẹni pé ó lè bu òun jẹ.

"Ọ̀sán ni mo fẹ́ kí o ṣí i," ó sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọ̀sán gan-an ni wọ́n ń pọ̀ jù níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ tún un ṣe. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ ni kí èrò tó wọ̀ ọ́." Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó fi kún un pé, "Mi ò tíì pe ẹni ẹ̀ka kejì yẹn. Mi ò ní pè é mọ́."

Kí ó tó kúrò níbi iṣẹ́, ó kọ ọpẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá, ọ̀rọ̀ kúkúrú, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà tí kò mọ̀ fi pè é. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, àǹtí. Èmi ni ọmọ Màmá Wáyà, mo rí nọ́ńbà yín lórí fóònù wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín nítorí ìpè ọ̀sán yìí. Ẹ má bínú pé a fi àkókò yín ṣòfò."

"Ẹ fi ṣòfò báwo?"

"Ẹ ò mọ̀ ni? Àìsàn kọlu Màmá lọ́dún tó kọjá, apá kan ara wọn kò gbé mọ́. Ohùn wọn lọ pátápátá. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan látìgbà náà. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n fọwọ́ júwe pé kí n pè yín, kí n gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Mo fẹ́ gbà á kí n ṣàlàyé fún yín, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, ohùn kankan kò jáde. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí, mo kàn ń wò wọ́n ni, àánú wọn ń ṣe mí. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò gé ìpè náà. Ẹ ò lè gbọ́ nǹkan kan."

Abẹ́rẹ́ fara ti ògiri. "Èsì tí wọ́n kọ sí mi lánàá ńkọ́?" ó bèèrè.

"Àwọn náà ló tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ló kù fún wọn tí wọ́n fi ń tẹ nǹkan, ó máa ń gbà wọ́n lọ́jọ́." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyẹn gan-an ni mo tún fẹ́ bi yín, àǹtí. Láti òwúrọ̀ àná ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń kọ̀wé sí, wọ́n fi orúkọ yín hàn mí. Mo wò ó dáadáa. Ẹ ò tíì kọ nǹkan kan sí wọn nígbà náà."

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe dúró síbẹ̀, tí obìnrin náà ń pe "Àǹtí, àǹtí, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀," fóònù gbọ̀n ní ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ni, láti ọ̀dọ̀ Màmá Wáyà.

"Má dúró di ọdún mẹ́ta mìíràn. Oṣù tó ń bọ̀, ìwọ ni kí o pè. Èmi yóò sọ̀rọ̀."